amd64, arm64 tàbí i386: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó bá kọ̀ǹpútà yín mu

Ẹni tó bá fẹ́ gba Debian, ọ̀kan lára àwọn ètò ìṣiṣẹ́ Linux, sílẹ̀ láti fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń dé ibi kan tí wọ́n ti to àwọn orúkọ kéékèèké sílẹ̀: amd64, arm64, armhf, i386, ppc64el àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ẹni tí wọ́n lẹ Intel mọ́ ara láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ á wo amd64, á ní ti ilé iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, á wá mú i386 nítorí pé “i” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á mú arm64 nítorí pé ó rí 64 níbẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo lè ju 600 MB lọ, dátà sì wọ́n. Ó yẹ kéèyàn mọ èyí tó fẹ́ gbà kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Irú prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fáìlì náà fún ni orúkọ wọ̀nyẹn ń sọ. Prọ́sẹ́sọ̀ ni ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gba àṣẹ, tó sì ń mú un ṣẹ. Ìdílé prọ́sẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkójọ àṣẹ tirẹ̀ tí ìdílé kejì kò lè kà. Nítorí náà, ohun méjì lẹ fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ yín: ìdílé tí prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ ti wá, àti bóyá bíìtì 32 ló ń lò tàbí 64. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù, yálà HP, Dell tàbí Lenovo, kò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì.

Ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí amd64, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, òun náà ló sì bá ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà mu. Láti ọdún 1985 tí Intel ti gbé prọ́sẹ́sọ̀ 80386 jáde, bíìtì 32 ni ìdílé yẹn ń lò. Orúkọ prọ́sẹ́sọ̀ yẹn ni i386 ti wá. Nígbà tó yá, 32 kò tó mọ́. Intel gbé ìdílé tuntun pátápátá kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ Itanium, ṣùgbọ́n AMD yàn láti fẹ ti àtijọ́ lójú. Ní 2003 AMD gbé Opteron àti Athlon 64 jáde: bíìtì 64 ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ṣì lè ka àwọn àṣẹ àtijọ́. Ọ̀nà AMD ni ọjà tẹ̀ lé. Nígbà tó di 2004, Intel fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe prọ́sẹ́sọ̀ lórí ìlànà yẹn, ó sì ń bá a lọ títí di òní.

Ìdí nìyí tí amd64 fi bá Core i3, i5 àti i7 ti Intel mu gẹ́gẹ́ bó ṣe bá Ryzen ti AMD mu. AMD ló kọ́kọ́ kọ ìlànà náà sílẹ̀, Debian sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Windows ń pe ohun kan náà ní x64, ibòmíràn sì ń kọ ọ́ báyìí: x86_64 tàbí x86-64. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá rí x86 lásán, i386 tàbí i686, bíìtì 32 ti ìdílé yẹn nìyẹn. Tí ẹ bá sì rí ia64 níbì kan, Itanium tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ẹ̀rọ ńláńlá ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi í sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

ARM jẹ́ ìdílé mìíràn pátápátá. Òun ló wà nínú fóònù wa, nínú Raspberry Pi, nínú àwọn Mac tí Apple ń ṣe láti ìparí 2020, àti nínú àwọn láàpútọ́ọ̀pù Windows kan tó ń lo Snapdragon. Èyí tó jẹ́ bíìtì 64 ni wọ́n ń pè ní arm64 tàbí aarch64. Ti bíìtì 32 ni armhf, àti armel tó dàgbà jù ú lọ. Nínú àwọn tó kù nínú àkójọ Debian, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni ppc64el àti s390x wà fún. S390x jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà gbàǹgbà IBM. Tí ẹ bá ní ọ̀kan nílé, ẹ máa ti mọ̀.

Tí Windows bá wà lórí ẹ̀rọ náà

Ẹ ṣí `Settings`, ẹ wọ `System`, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé `About`, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `System type` sí. Lórí Windows 7, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ `Computer`, kí ẹ mú `Properties`, ṣùgbọ́n Windows nìkan ni `System type` ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀, apá méjì ló sì ní. Apá àkọ́kọ́ ń sọ nípa Windows tó wà lórí ẹ̀rọ, apá kejì ló ń sọ nípa prọ́sẹ́sọ̀.

Tí apá kejì bá sọ pé `x64-based processor`, amd64 ni tiyín. Tó bá jẹ́ `ARM-based processor`, ìdílé ARM ni. Tó bá sì jẹ́ `x86-based processor`, bíìtì 32 ni prọ́sẹ́sọ̀ yín, i386 nìkan ló lè gbé.

Èyí tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni `32-bit operating system, x64-based processor`. Ó wọ́pọ̀ gan-an lórí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ẹni tó fi Windows sí i ní Windows bíìtì 32 lọ́wọ́, ó sì fi í sórí ẹ̀rọ tó lè gbé 64. Ẹni tó bá ka apá àkọ́kọ́ nìkan á gbà pé ẹ̀rọ òun kò lágbára, á sì lọ gba i386. Tí ẹ bá ń fi ètò tuntun rọ́pò Windows pátápátá, prọ́sẹ́sọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: amd64 lẹ máa gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé sọ́fítíwíà kan lẹ fẹ́ fi sórí Windows tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Windows yẹn ni kẹ́ ẹ wò: x86 lẹ máa gbà, torí Windows bíìtì 32 kò lè gbé sọ́fítíwíà bíìtì 64, bó ti wù kí prọ́sẹ́sọ̀ lágbára tó.

Ẹ di ìyàtọ̀ yẹn mú. Ibi tí ìṣòro ti ń wá jù lọ nìyẹn, ó sì máa tún jẹyọ lórí Linux.

Tó bá jẹ́ Linux tàbí Mac

Lórí Linux, àṣẹ tí wọ́n sábà máa ń júwe fúnni ni `uname -m`. Ó dára, àmọ́ kànẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà. Tí ẹnì kan bá ti fi Linux bíìtì 32 sórí prọ́sẹ́sọ̀ 64, `i686` ni àṣẹ yẹn máa sọ. Kí ẹ lè rí prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lo èyí:

```
lscpu
dpkg --print-architecture
```

Nínú ohun tí `lscpu` bá tẹ̀ jáde, ẹ wá ìlà `CPU op-mode(s)`. Tí ẹ bá rí `32-bit, 64-bit` níbẹ̀, prọ́sẹ́sọ̀ náà lè gbé 64. Tó bá jẹ́ `32-bit` nìkan, ó parí síbẹ̀. Àṣẹ kejì wà fún Debian, Ubuntu àti àwọn ọmọ ìyá wọn, ó sì ń sọ irú fáìlì `.deb` tí ètò tó wà lórí ẹ̀rọ ń gbà.

Raspberry Pi 4 fi ìwúlò àṣẹ méjèèjì yìí hàn dáadáa. Láti 2023, Raspberry Pi OS ti bíìtì 32 ń lo kànẹ́ẹ̀lì bíìtì 64 lórí ẹ̀rọ yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn sọ́fítíwíà tó wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti 32. `uname -m` á sọ pé `aarch64`, ẹ̀yin náà á lọ gba `.deb` tí wọ́n kọ arm64 sí lára, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Ẹ bi `dpkg`: ó máa sọ pé `armhf`. armhf ni kẹ́ ẹ gbà.

Ti Mac kò ṣòro. Ẹ tẹ àmì èso tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ mú `About This Mac`. Tí wọ́n bá kọ `Chip` tí M1, M2 tàbí irú rẹ̀ tẹ̀ lé e, arm64 ni. Àwọn kan máa ń pè é ní Apple Silicon. Tí wọ́n bá kọ `Processor` tí Intel tẹ̀ lé e, x86_64 ni. Ojú ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ ju `uname -m` lọ, torí tí Terminal bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rosetta, tó ń túmọ̀ àṣẹ Intel fún prọ́sẹ́sọ̀ Apple, `x86_64` ni yóò sọ lórí M1 pàápàá.

Ìkìlọ̀ kan lórí ARM rèé. Nínú ìdílé Intel àti AMD, fáìlì amd64 kan náà ló ń ṣí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú kọ̀ǹpútà, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jí. ARM kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì arm64 ti Debian lè bá prọ́sẹ́sọ̀ M1 mu ní ti àṣẹ, kó má sì ṣí tí ẹ bá fi fíláàṣì kì í bọ Mac náà. Inú ẹ̀rọ àfarawé, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, lórí Mac ló ti máa ṣiṣẹ́. Raspberry Pi náà ní fáìlì tí wọ́n ṣe fún òun gan-an. Nítorí náà, tí ẹ bá ti mọ̀ pé ARM ni tiyín, ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ yín gan-an nínú ìwé àlàyé wọn kí ẹ tó gba ohunkóhun.

Láàpútọ́ọ̀pù méjì tó jọra bí ìbejì

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rọ tí kò ní ètò kankan lórí, irú èyí téèyàn lè rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ní Computer Village, Ìkẹjà. Kò sí `Settings` tí ẹ fẹ́ ṣí, kò sí `lscpu`. Mo mú Dell Latitude D620 nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ọdún 2006 ni ẹ̀rọ yìí jáde, prọ́sẹ́sọ̀ oríṣi méjì ni Dell sì ta á pẹ̀lú: àwọn kan ní Core Duo, àwọn kan ní Core 2 Duo. Lójú, ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì Centrino Duo tó wà níbi tí ọwọ́ ń sinmi lé pàápàá lè wà lára méjèèjì. Ṣùgbọ́n Core Duo jẹ́ bíìtì 32, Core 2 Duo sì jẹ́ 64.

Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ máa tẹ `F2` bí àmì Dell bá ti yọ. Ojú ewé tó máa ṣí ni BIOS, kò sì nílò ètò ìṣiṣẹ́ kankan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ prọ́sẹ́sọ̀, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jẹ́ T2400, èkejì sì jẹ́ T7200. Ẹ fi fóònù yín wá nọ́ńbà náà lórí ìkànnì Intel fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ `Instruction Set` sí lẹ máa wò: T2400 á jẹ́ `32-bit`, T7200 á jẹ́ `64-bit`. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ báyìí, nọ́ńbà prọ́sẹ́sọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Orúkọ láàpútọ́ọ̀pù kò tó.

Ẹ má fi ráàmù díwọ̀n rẹ̀. Èèyàn máa ń ní “ó ń fi gígábáìtì mẹ́ta hàn, ó ní láti jẹ́ 32”. D620 tó ní T7200 lè ní 4 GB nínú, kó sì jẹ́ nǹkan bíi 3.2 GB ni ètò máa rí, torí ohun tó so prọ́sẹ́sọ̀ mọ́ ráàmù lórí pátákó ẹ̀rọ náà kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Prọ́sẹ́sọ̀ bíìtì 64 ṣì ni.

Ẹ̀rọ tó ní T7200, amd64 ni tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní T2400, i386 ni, ọ̀nà sì ti ń há mọ́ ọn. Ubuntu dáwọ́ fáìlì bíìtì 32 fún kọ̀ǹpútà ilé dúró láti ẹ̀dà 17.10 ní 2017. Debian 12 tó jáde ní 2023 ṣì ní ti i386. Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2025 kò ní in mọ́: orúkọ i386 ṣì wà nínú àkójọ sọ́fítíwíà rẹ̀, ṣùgbọ́n kìkì láti gbé sọ́fítíwíà àtijọ́ lórí ẹ̀rọ amd64 ni. Nítorí náà, Debian 12 lẹ máa wá fún T2400, bákan náà fún àwọn láàpútọ́ọ̀pù pínníṣín ayé 2008 tó ń lo Atom N270. Bí mo bá ní láti yan láàárín D620 méjèèjì lọ́jà, èyí tó ní T7200 ni màá san owó lé, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ ti gbó jù.

Ohun tí ẹ máa rí tí ẹ bá ṣì í mú

Tí ẹ bá fi fíláàṣì tó ní amd64 sínú ẹ̀rọ tó ní T2400, ó máa bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń lọ dáadáa, ẹ máa rí ojú ewé tí wọ́n ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn náà ni èyí máa jáde:

```
This kernel requires an x86-64 CPU, but only detected an i686 CPU.
Unable to boot - please use a kernel appropriate for your CPU.
```

Fíláàṣì kò bàjẹ́, fáìlì náà kò ní àbùkù, ẹ̀rọ kò sì kú. Bíìtì 32 ni prọ́sẹ́sọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé arm64 lẹ fi sínú ẹ̀rọ Intel, kì í tilẹ̀ débẹ̀ rárá: BIOS ò ní rí ohun tó lè ṣí lórí fíláàṣì, á sì kọjá lọ sórí díìsìkì inú ẹ̀rọ bí ẹni pé ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn kò kọ fíláàṣì náà dáadáa, wọ́n á máa tún un kọ. Ẹ wo orúkọ fáìlì náà ná.

Lórí Linux tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ṣi sọ́fítíwíà mú máa rí `Exec format error` nígbà tó bá fẹ́ ṣí i, tàbí kí `dpkg` sọ pé `package architecture (arm64) does not match system (amd64)`. Windows á sọ pé `This app can't run on your PC`.

Ọ̀nà kan tún wà láti yẹ fáìlì wò kó tó kan fíláàṣì, àgàgà èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ fáìlì `.iso` ti Debian lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ṣí bí fódà. Ẹ wo inú rẹ̀: tí ẹ bá rí fódà `install.amd`, amd64 ni, `install.386` jẹ́ ti i386, `install.a64` sì jẹ́ ti arm64. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí `EFI` kí ẹ sì wọ `boot`. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ń lo Atom Z3735F: prọ́sẹ́sọ̀ wọn jẹ́ 64, ṣùgbọ́n ohun tó ń jí ẹ̀rọ náà jẹ́ 32. Fáìlì tí wọn á lè ṣí gbọ́dọ̀ ní `bootia32.efi` nínú fódà yẹn. Tó bá jẹ́ `bootx64.efi` nìkan ló wà níbẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì náà kò ní rí fíláàṣì yín.

Nígbà tí amd64 nìkan kò bá tó

Ní báyìí, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpele sínú amd64 fúnra rẹ̀, torí àwọn prọ́sẹ́sọ̀ tuntun ní àwọn àṣẹ tí ti 2006 kò ní. Red Hat Enterprise Linux 9 ń béèrè ìpele tí wọ́n ń pè ní x86-64-v2, ẹ̀dà 10 sì ń béèrè v3. Windows 11 ẹ̀dà 24H2 náà ń béèrè àṣẹ SSE4.2 àti POPCNT. T7200 kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Nítorí náà, D620 wa tó gba Debian amd64 wẹ́rẹ́ máa kọ Red Hat 9, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni amd64 tí Debian kọ àti x86_64 tí Red Hat kọ. Lórí Linux amd64 tí kò tíì pẹ́ jù, ẹ lè rí ìpele tí ẹ̀rọ yín dé báyìí:

```
/lib64/ld-linux-x86-64.so.2 --help
```

Ìsàlẹ̀ ohun tó bá tẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ lọ. Ìpele tí `(supported` bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ yín lè gbé. Debian kò béèrè ìpele kankan lórí amd64, nítorí náà tí `(supported` ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ v2 nínú ohun tí ẹ rí, ẹ fi Red Hat 9 sílẹ̀, kí ẹ gba Debian.